Advice àti suggestion: èwo la lè kà?

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohun kan náà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ìlànà gírámà wọn yàtọ̀ pátápátá. "Suggestion" jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà: "a suggestion", "three suggestions", "many suggestions". Aláìṣeékà ni "advice". Kì í gba "an" níwájú, kì í gba "s" lẹ́yìn, "much" ló sì máa ń bá a rìn.

Kí ló fà á? Gẹ̀ẹ́sì ka "suggestion" sí ohun tó ní ààlà, tí a lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ó mú "advice" bí omi: bó ti wù kó pọ̀ tó, omi náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "information". Kì í ṣe pé ìròyìn fúnra rẹ̀ kò ṣeé kà o, torí èdè Faransé ń sọ "informations" láìsí wàhálà. Àṣàyàn èdè ni.

Àwa tí a ń sọ Yorùbá máa ń ṣì í gan-an, nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tiwa kì í yí padà: ìmọ̀ràn kan, ìmọ̀ràn mẹ́ta. Ẹ wo "She gave me three advices". Bí a bá yọ "s" nìkan, "three advice" ṣì kùnà, torí "three" kò rí ohun tí yóò kà. "Three pieces of advice" ló tọ̀nà. "Piece" ló gba "s" náà. "Three suggestions" náà dára, ó tilẹ̀ yá lẹ́nu jù. Ní ti "advises", ọ̀rọ̀-ìṣe ni; "s" ìdí rẹ̀ kò jẹ mọ́ ọ̀pọ̀ rárá.