Sọ́fúrìn àti Pẹlẹbẹ Wúrà Kékeré: Èwo Ni Àlékún Rẹ̀ Ń Padà Sọ́wọ́ Ẹni?

Ẹni tó bá fẹ́ fi owó díẹ̀díẹ̀ ra wúrà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ro ohun méjì pọ̀: Sọ́fúrìn, ìyẹn owó wúrà tí wọ́n ń rọ ní Lantrísántì ní Wéésì, àti pẹlẹbẹ wúrà gíráàmù kan tí wọ́n dì sínú káàdì ike. Mo ti ra méjèèjì, pẹlẹbẹ ló sì mú kí n pàdánù owó.

Iye wúrà tí à ń rí lórí ẹ̀rọ kì í ṣe iye ohun tí oníṣòwò ń tà fún wa. Iye ọ̀pá ńlá ni, èyí tí àwọn báńkì ń tà fún ara wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó nǹkan bí 400 áńsì, ìyẹn bíi kílò 12 àbọ̀. Kí gíráàmù kan tó dé ọwọ́ wa, ẹnìkan ti yọ́ wúrà, ó ti tẹ̀ ẹ́, ó ti lu àmì sí i, ó ti dì í, ó sì ti san owó ìdójútòfò lórí ìrìnàjò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni oníṣòwò yóò fi èrè tirẹ̀ lé e. Gbogbo ohun tí a bá san lé iye wúrà náà ni à ń pè ní àlékún. Iṣẹ́ tó wà lára pẹlẹbẹ gíráàmù kan kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí èyí tó wà lára ti 100 gíráàmù, ṣùgbọ́n wúrà tí owó iṣẹ́ náà máa pín sí lórí kéré jọjọ. Ìdí nìyẹn tí àlékún fi ń ga bí wúrà bá ṣe ń kéré sí i.

Nígbà tí wúrà wà ní nǹkan bí 50 pọ́ùn fún gíráàmù kan, mo ra pẹlẹbẹ mẹ́wàá ní 61 pọ́ùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tí mo san jẹ́ 610 pọ́ùn, àlékún rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́sẹ̀ kan náà, mo ra Sọ́fúrìn kan, tí wúrà gidi inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 7.32, tó yẹ kó jẹ́ 366 pọ́ùn. Wọ́n tà á fún mi ní 384, ìyẹn àlékún ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí gíráàmù kan di 56 pọ́ùn, owó kan dé tí mo ní láti san, mo sì kó gbogbo wọn lọ tà. Oníṣòwò náà yọ ìdá 5 kúrò nínú iye ọjà lórí pẹlẹbẹ, ó sì fún mi ní 532 pọ́ùn. Wúrà ti gòkè, síbẹ̀ mo pàdánù 78 pọ́ùn. Lórí Sọ́fúrìn, ìdá 2 péré ló yọ, ó fún mi ní nǹkan bí 401 pọ́ùn, mo sì jèrè 17.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà hàn lórí tábìlì rẹ̀. Ó gbé Sọ́fúrìn sórí òṣùwọ̀n, ó rí gíráàmù 7.98, ìyẹn wúrà gidi àti irin mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn, ó wọn ìbú rẹ̀, ó rí mílímítà 22, ó sì tán. Ṣùgbọ́n ó yí àwọn káàdì padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ibi tí wọ́n ti lè ṣí wọn. Mo ti fi sísọ́ọ̀sì gé etí ọ̀kan nílé kí àwọn ọmọ lè fọwọ́ kan wúrà. Ó ní bí kì í bá ṣe pé mo kó mẹ́wàá wá pọ̀ ni, òun ì bá yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí tí mo ṣí, nítorí pé àfi kí òun fi ránṣẹ́ kí wọ́n lọ yọ́ ọ. Àlékún orí pẹlẹbẹ wà nínú ìdì rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń san owó ìdì padà.

Ní ti owó orí, èrè orí Sọ́fúrìn kò ní owó orí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé owó tí òfin mọ̀ ni. Ti pẹlẹbẹ lè ní in.

Kì í ṣe gbogbo Sọ́fúrìn ló dára láti rà o. Èyí tó ń dán bíi dígí tí wọ́n gbé sínú àpótí máa ń ní àlékún ńlá tí oníṣòwò kì í sábà san padà. Èyí tí wọ́n ti lò, tí ọdún tí wọ́n rọ wọ́n kò jọra, ni ó sábà máa ń dínwó jù. Àkókò náà ṣe pàtàkì: ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ti àwọn ilé ìyọ́wúrà ní Tìsínò ní Siwisaláǹdì pa, owó wúrà àti pẹlẹbẹ kéékèèké wọ́n, àlékún sì fò sókè lórí gbogbo wọn. Ẹni tó rà á nígbà náà sanwó ọ̀wọ́n mọ́ iye wúrà, ọ̀wọ́n kì í sì í wà pẹ́.

Pẹlẹbẹ gíráàmù kan wúlò fún ẹ̀bùn ìsọmọlórúkọ, torí pé ọmọ náà kò ní tà á. Ti 100 gíráàmù ní àlékún tó kéré ju ti Sọ́fúrìn lọ, ó sì dára fún ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní fẹ́ ta díẹ̀ nínú rẹ̀ kí òun fi ìyókù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó ilé ìwé tàbí ìrìnàjò sílé lè bá lójijì, Sọ́fúrìn ni kó máa rà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi oníṣòwò pé: “Bí mo bá gbé e padà wá lónìí, èló lẹ máa rà á?” Ẹ fi ìdáhùn náà yọ kúrò nínú iye tó pè fún yín, ohun tó kù ni àlékún gidi tí ẹ ń san.