Ti sólà, ti NEPA, tàbí àtùpà oníbátìrì: èwo ni kí ẹ rà fún palọ yín ní Ràmàdánì?

Ní Ìlọrin níbí, iná ọ̀ṣọ́ Ràmàdánì ní láti tàn nígbà méjì: nígbà ìṣínu àti nígbà sààrì. Sààrì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà ti máa ń já èèyàn kulẹ̀.

Iná wáyà onísólà máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ kì í sábà kọjá wákàtí mẹ́jọ, nítorí náà èyí tó tàn ní aago méje alẹ́ ti kú ní aago mẹ́ta òru, kí ẹ tó gbé ọbẹ̀ sààrì kaná. Ẹ ra èyí tó ní bọ́tìnì tí ẹ lè fi pa á lẹ́yìn àṣámù, kí ẹ sì tún tàn án ní sààrì. Ẹ má gbé pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sí abẹ́ gílóòbù ìta, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń kàn án, kò ní tàn rárá. Bí ọyẹ́ bá bò ó ní eruku, ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Ẹnu ọ̀nà àti fáráńdà ló bá a mu jù.

Ti NEPA mọ́lẹ̀ jù ú, àmọ́ ẹni tó ní ínfátà nìkan ni mo lè ní kó rà á. Ẹ yan èyí tó ní àdápítọ̀. Ẹ ní kí ọlọ́jà tàn án fún ìgbà díẹ̀: bí àdápítọ̀ náà bá gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Àtùpà tí a ń sáàjì ni mo fara mọ́ jù. Ẹ sáàjì rẹ̀ nígbàkigbà tí NEPA bá mú iná wá. Ẹ ó gbé e lọ sí ilé ìdáná, sí ibi àlùwàlá, kó tó padà sórí ẹní sààrì. Ti onírin tí wọ́n ń tan àbẹ́là sínú rẹ̀ rẹwà gan-an, àmọ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ aṣọ: ọ́gánsà a máa yọ́, a sì máa gbiná kíákíá.

Ní ti aṣọ fèrèsé, ọ́gánsà funfun máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá. Aṣọ òkè dí i pa, ẹ fi ìyẹn bo tìmùtìmù. Fèrèsé tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún nílò aṣọ ìlọ́po méjì kó tó ṣẹ́ po dáadáa. Bí aṣọ bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ẹ ó gé méjì. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gùn ní mẹ́jọ, ó di mẹ́rìndínlógún. Yáàdì mẹ́fà á tó, ìṣẹ́tí yóò sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo ara páálí gílóòbù: 2700K tàbí 3000K ni aláwọ̀ oyin tó tura lójú. 6500K funfun bíi ti ọ́fíìsì, ó sì máa ń sọ ọ́gánsà di búlúù.

Lẹ́yìn Ìtùnú Ààwẹ̀, bí àtùpà yín bá ń lo bátìrì tí a ń yọ, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó kó o pamọ́. Iléyá ju oṣù méjì lọ sí i, bátìrì sì lè ti da omi sínú rẹ̀.