Àgbéyẹ̀wò: kíláàsì Tíọ́rì Ọ́pítímálítì tí mo ṣe lórí ayélujára, àti àtẹ "búrẹ́dì" tí wọ́n fi gba máàkì lọ́wọ́ mi

Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo sì ti parí kíláàsì yìí, mo ti gba ìwé-ẹ̀rí wọn. N kò ní dárúkọ àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ìbéèrè kan ṣoṣo nínú ìdánwò àárín kíláàsì, tí ẹ̀rọ wọn fún mi ní òdo lé lórí, tó sì jẹ́ pé ìdáhùn mi ni ó tọ̀nà. N kò ní fi fídíò àti bí ó ṣe ń ṣí lórí fóònù fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìbéèrè yẹn ni kí a gbà yẹ̀wò.

Tíọ́rì tí Alan Prince àti Paul Smolensky gbé kalẹ̀ ní 1993 yìí sọ pé òfin ìró kan náà ni gbogbo èdè ní, àti pé kò sí èyí tí a kò lè rú nínú wọn. Ohun tó mú èdè kan yàtọ̀ sí èkejì ni ipò tí ó to àwọn òfin náà sí. Tí ọ̀rọ̀ kan bá fẹ́ jáde lẹ́nu, oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè gbà pè é máa ń díje, èyí tí kò rú òfin tó wà nípò gíga ni ó máa borí, kódà bí ó bá rú èyí tó wà nísàlẹ̀ léraléra. Bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ sínú ìwé atúmọ̀ èdè ni: lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ méjì ti yàtọ̀ ni ó ń pinnu èyí tó máa ṣáájú, ohun yòówù kí àwọn lẹ́tà ẹ̀yìn jẹ́, wọn kò lè yí i padà.

Òfin mẹ́rin ni ìbéèrè náà lò. `*COMPLEX` ní kí kọ́ńsónáǹtì má ṣù pọ̀ nínú sílébù. `NOCODA` ní kí sílébù má parí sí kọ́ńsónáǹtì. `MAX` lòdì sí ìpajẹ: ìró tó bá wà nínú ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù. `DEP` lòdì sí àfibọ̀: a kò gbọdọ̀ fi ìró tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ ni /brẹd/ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é, olùborí sì ni bú.rẹ́.dì tí gbogbo wa ń jẹ. Wọ́n fún wa ní olùdíje méjì péré tí olùborí yìí ṣẹ́gun, brẹd àti bẹ́, wọ́n wá ní kí a to àwọn òfin náà nípò láti inú wọn. Ìdáhùn tí ẹ̀rọ ń retí nìyí, níbi tí `>>` ti fi hàn pé òfin tó ṣáájú wà lókè èyí tó tẹ̀ lé e:

```
NOCODA >> *COMPLEX >> MAX >> DEP
```

Ẹ wo olùdíje àkọ́kọ́. Brẹd rú `*COMPLEX` nítorí b àti r, ó sì rú `NOCODA` nítorí d tó gbẹ̀yìn. Bú.rẹ́.dì ní tirẹ̀ rú `DEP` lẹ́ẹ̀mejì, nítorí fáwẹ́lì méjì tí a fi bọ̀ ọ́. Kí ni ìfigagbága yìí lè fi hàn wá? Pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú `*COMPLEX` àti `NOCODA` wà lókè `DEP`. Kò lè sọ èwo, nítorí olùdíje kan náà ni ó rú àwọn méjèèjì pọ̀. Bẹ́ sàn díẹ̀. Ó pa r àti d jẹ, `MAX` nìkan ni ó rú, nítorí náà a mọ̀ dájú pé `MAX` wà lókè `DEP`. Kò sí nǹkan mìíràn nínú ìbéèrè yẹn. Pé `NOCODA` ga ju `*COMPLEX` lọ, tàbí pé `*COMPLEX` ga ju `MAX` lọ, ẹnikẹ́ni kò lè rí i fà yọ níbẹ̀.

Èmi wá fi àwọn olùdíje tó yẹ kí wọ́n fún wa kún un. Mo mú èyí tí ìṣòro kan ṣoṣo kù sí lára, kí n lè yẹ òfin kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀. Àtẹ tí mo fi ránṣẹ́ nìyí. Àmì `:` fi hàn pé a kò mọ èyí tó ga jùlọ láàárín òfin méjì, `|` fi hàn pé a mọ̀ ọ́n. `☞` ń tọ́ka sí olùborí, `*` kọ̀ọ̀kan lábẹ́ òfin jẹ́ ìrúfin kan, `!` sì ni ìrúfin tó lé olùdíje náà jáde:

```
/brẹd/         *COMPLEX : NOCODA : MAX | DEP
☞ bú.rẹ́.dì             :        :     | **
   bú.rẹ́d              :   *!   :     | *
   brẹ́.dì       *!     :        :     | *
   bú.rẹ́               :        : *!  | *
```

Bú.rẹ́d fi bọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, olùborí fi bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ `DEP` ló ga jù ni, bú.rẹ́d ni à bá máa pè. A kì í pè é bẹ́ẹ̀, nítorí náà `NOCODA` wà lókè `DEP`. Ọ̀nà kan náà ni brẹ́.dì fi gbé `*COMPLEX` lékè `DEP`, tí bú.rẹ́ sì fi gbé `MAX` lékè rẹ̀. Ìlà mẹ́ta, ẹ̀rí mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró. Òfin mẹ́rin ṣeé tò ní ọ̀nà 24, mẹ́fà nínú wọn ló fi `DEP` sí ìsàlẹ̀ pátápátá, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì ń mú bú.rẹ́.dì jáde. Èyí tí ẹ̀rọ wọn mú jẹ́ ọ̀kan lára mẹ́fà yẹn, ó wá ń fìyà jẹ ẹni tó bá sọ òtítọ́ pé a kò lè yàn láàárín wọn. Òdo.

Mo kọ̀wé sí wọn lórí Wọ́sáàpù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dá mi lóhùn, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìdánwò náà ṣe, àyè ṣì wà." Mo ní kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n, mo ní ìdáhùn inú ẹ̀rọ ni kó wò. Ó bi mí bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ló ń já. Mo ya àwòrán àtẹ mi, mo fi ránṣẹ́. Ó pẹ́ kó tó fèsì, ó wá ní, "Ẹ̀rọ ló ń máàkì mà, kì í ṣe èèyàn, kò lè gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni." Ọmọ náà kò rí mi fín rárá, kò sì sí ìgbà kan tí kò fi "mà" kún un, ṣùgbọ́n inú mi ru. Ta ló sọ pé ó gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni? Èèyàn ló kọ ìdáhùn sínú ẹ̀rọ, mo sì fẹ́ bá èèyàn yẹn sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ títí ó fi gbà láti gbé e dé ọ̀dọ̀ olùkọ́.

Ìyá tó ń kọ́ wa náà fúnra wọn ló pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kí mi, wọ́n béèrè àwọn ọmọ mi, wọ́n wá ní, "Mo ti rí àtẹ yín. Ẹ jàre. Olùdíje méjì yẹn kéré fún ìbéèrè tí a bi yín." Inú mi rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí, àṣé wọ́n ṣì ní ìbéèrè lẹ́nu fún mi. Wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ̀yin tí ẹ ní `MAX` wà lókè `DEP`, mílíìkì ńkọ́? Fíìmù ńkọ́?"

Mo dákẹ́. Nínú mílíìkì, l tó wà níwájú k dúró, a fi fáwẹ́lì gbà á lálejò, gẹ́gẹ́ bí ìtòpò mi ṣe sọ. Bẹ́líìtì náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní fíìmù, l tó yẹ kó wà níwájú m ti lọ. Tí /film/ bá jẹ́ ìpìlẹ̀, fílíìmù ni àtẹ mi máa mú jáde. Wọ́n wá ṣàlàyé pé a kò gbọdọ̀ tún òfin tò fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nítorí kó lè bọ́ sí i. Ìtòpò kan ni èdè kan ní, gbogbo ọ̀rọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló kù. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó yá ọ̀rọ̀ náà wọlé kò gbọ́ l yẹn rárá, torí l tó wà lẹ́yìn fáwẹ́lì nínú Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣókùnkùn létí. Tí kò bá sí nínú ìpìlẹ̀, a kò pa ohunkóhun jẹ, a kò sì rú `MAX`. Ó sì lè jẹ́ pé òfin kan ṣì wà tí a kò tíì kọ sórí àtẹ, tó kórìíra kí a fi fáwẹ́lì bọ àárín l àti m ju bó ṣe kórìíra rẹ̀ láàárín l àti k lọ, tó sì wà lókè `MAX`. Wọ́n ní kí n lọ kó ọ̀rọ̀ àyálò tó ní l báyìí jọ, kí n wo ìró tó tẹ̀ lé e nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo gbé gọ́ọ̀fù wá, tí l ti lọ níwájú f, ìyá náà pariwo ayọ̀ lórí fóònù. Ètè ni a fi ń pe m àti f méjèèjì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ méjì kò tó láti fi ṣòfin, àmọ́ ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. N kò rí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti kúrò ní yunifásítì.

Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi pé àtẹ yìí kò sọ ìdí tí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ fi jẹ́ u nínú búrẹ́dì, tó sì jẹ́ i nínú kíláàsì. `DEP` ń ka àfibọ̀ ni, kò bìkítà fáwẹ́lì wo ni. Òfin mìíràn ló ń ṣètò ìyẹn, àti ohùn pẹ̀lú.

Àmọ́ ìwé kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ni kò dé ibi tí ìyá yìí dé. Ojú ìwé kan wà níbẹ̀ tó sọ pé "agbo" rú `*COMPLEX` nítorí g àti b. Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ni gb, lẹ́tà méjì ni a kàn fi kọ ọ́. Ojú ìwé kan náà ní "ìbọn" rú `NOCODA` nítorí n. Àmì ìránmú fáwẹ́lì ni n yẹn, kò sí kọ́ńsónáǹtì kankan lẹ́yìn ọ. Ẹni tó bá gba ìwé náà gbọ́ máa rò pé Yorùbá ń rú òfin méjèèjì bó ṣe wù ú, àtẹ búrẹ́dì kò sì ní yé e títí láé. Mo sọ fún ìyá náà, wọ́n ní àwọn kọ́ ni wọ́n kọ ọ́, àwọn máa fi tó àwọn tó kọ ọ́ létí.

Wọ́n dá máàkì mi padà. Títí di òní tí mo ń kọ èyí, ìbéèrè náà kò tíì yí padà: ọ̀rẹ́ mi tó wọ kíláàsì tó tẹ̀ lé tèmi gba òdo lórí rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sì ní kó tún ìdánwò ṣe. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, torí ẹni tí kò bá lè bá wọn fa ọ̀rọ̀ máa lọ há ìtòpò tí kò ní ẹ̀rí sórí.

Tí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ san owó èyí tí olùkọ́ ń pe ènìyàn lórí fóònù, ẹ má san ti fídíò nìkan.

Máàkì mi: 5 nínú 5.