Àgbéyẹ̀wò áàpù tó ń ka ìṣirò láti inú fọ́tò: lẹ́tà sí ẹ̀yin òbí

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Púpọ̀ nínú yín ló ti gbé áàpù tó ń ya ìṣirò ní fọ́tò sórí fóònù, tí ẹ ń fi yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wò kí àwọn ọmọ tó sùn. Èmi náà ti ń lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, lórí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi níbí ní Ọ̀fà. Ohun tí mo rí ni pé ó mọ ìṣirò ṣe dáadáa, ojú ìwé kíkà ló ń dà á láàmú. Bó bá ṣi ìbéèrè kà, á fún yín ní ìdáhùn tó pé pérépéré sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ẹ wo èyí. Màmá ọmọ kan kọ sí mi lórí Wásáàpù: "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ ní 3.75 ni, ẹ̀yin sì máàkì 6 fún ọmọ mi. Èwo ni ká wá gbà?" Mo ní kí wọ́n fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́. Ìbéèrè kẹta ni, ọmọ sì kọ ọ́ báyìí:

3. 2x + 5 = 17

Nọ́ńbà ìbéèrè ni 3 yẹn, kò bá ìṣirò tan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ so ó mọ́ àmì tó tẹ̀ lé e àti 2, ó kà á sí 3.2x + 5 = 17. Tí ẹ bá yọ 5 kúrò nínú 17, 12 ló kù. Tí ẹ bá fi 3.2 pín 12, 3.75 náà ni. Ìbéèrè tí mo fún ọmọ ń fẹ́ kí a fi 2 pín 12, èyí tó jẹ́ 6. Ẹ fi 6 sípò x: 2 lọ́nà 6 jẹ́ 12, ẹ fi 5 kún un, 17 dé.

Tí ẹ bá ṣí kámẹ́rà áàpù náà, ẹ ó rí àpótí kan tí ẹ lè fi ìka fà sí wẹ́wẹ́ tàbí fà gbòòrò. Ẹ fà á kó gba ìṣirò kan ṣoṣo, kí nọ́ńbà ìbéèrè àti (a) tàbí (b) wà níta. Lẹ́yìn tí ẹ bá yà á, ẹ má tíì wo ìdáhùn. Áàpù máa ń tún ìbéèrè tẹ̀ sókè bó ṣe kà á; ibẹ̀ ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ, kí ẹ fi í wé ìwé ọmọ, àmì kọ̀ọ̀kan. Ó láyè tí ẹ ti lè tún un ṣe fúnra yín bó bá ṣì í kà. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ òbí ń fò kọjá.

Àwọn ọmọ girama àgbà ní wàhálà mìíràn: 2 kékeré orí x. Ẹ jẹ́ ká mú 2x² − 5x − 3 = 0. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ méjì, 3 àti −1/2. Bí ọmọ bá kọ 2 yẹn tóbi, tó sì jẹ́ kó wálẹ̀, ẹ̀rọ lè kà á sí 2x lọ́nà 2, yóò sì gbé −3 kan ṣoṣo jáde. Nítorí náà, bí 2 kékeré bá wà nínú ìwé tí ìdáhùn sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ fura. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ nígbà míì, àmọ́ ẹ wo bó ṣe kà á ná.

Ní ti yíyà gan-an, ọ̀sán ló dára jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ẹ má di tọ́ọ̀ṣì mú lẹ́yìn fóònù, torí òjìji ọwọ́ yín á bo ìwé. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ga díẹ̀. Ẹ fi aṣọ nu ojú kámẹ́rà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáná tẹ́ ẹ sì ń gbé fóònù. Ẹ tẹ ìwé pẹrẹsẹ, kí fóònù wà lókè rẹ̀ gan-an, kó má dagun. Pẹ́ńsù tó ṣá kì í hàn dáadáa; kí ọmọ fi bírò dúdú tún un kọ. Ìlà búlúù inú ìwé náà máa ń gbé àmì ìyọkúrò mì bí ọmọ bá kọ ọ́ lé e lórí. Ẹ ní kó kọ ọ́ sáàárín ìlà méjì.

Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde kì í fún un ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ àwòrán onígun mẹ́ta tàbí òbìrípo, mi ò gbára lé e rárá. Irú ìyẹn, ẹ yà á fún mi lórí Wásáàpù, ṣùgbọ́n ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, Wásáàpù á sọ ọ́ di kékeré, àwọn nọ́ńbà wẹ́wẹ́ etí àwòrán á sì di bàìbàì.