Oṣù mẹ́ta pẹ̀lú rọ́ta tuntun àti VPN tí mò ń sanwó fún

Rọ́ta mi àtijọ́ ò bàjẹ́ o. Dátà ló ń tán kí oṣù tó dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wo fíìmù nílé. Ìgbà tí mo wọnú rọ́ta lọ wò ó, mo bá fóònù mẹ́ta tí n kò mọ ẹni tó ni wọ́n. Nọ́ńbà fóònù mi ni mo fi ṣe páásíwọọ̀dù, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe.

WPA2, ìyẹn ètò ààbò Wáífáì tó wà lórí rọ́ta àtijọ́ náà, kì í ṣe yẹpẹrẹ. Ó ń sọ gbogbo ohun tó ń lọ láàárín fóònù àti rọ́ta di àdììtú. Àmọ́ bí fóònù bá fẹ́ wọlé, òun àti rọ́ta á kọ́kọ́ ránṣẹ́ síra wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, kí wọ́n lè mọ̀ pé páásíwọọ̀dù kan náà ló wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹni tó wà nítòsí lè gba ìyẹn sílẹ̀, kó gbé e lọ sílé, kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa dán páásíwọọ̀dù wò lórí ẹ̀, rọ́ta ò sì ní mọ̀. Nọ́ńbà wa jẹ́ ẹyọ 11. Mẹ́rin àkọ́kọ́, bíi 0803, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Méje tó kù ò ju mílíọ̀nù 10 lọ. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbá géèmù lè dán ju 100,000 wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì ní tó ìṣẹ́jú méjì tí yóò fi tán. (Ó sì lè jẹ́ ọmọ mi ló kàn sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀.)

Rọ́ta tuntun yìí ní WPA3, èyí tó tẹ̀ lé WPA2. Ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ níbẹ̀ ò wúlò fún irú iṣẹ́ yẹn mọ́; ọwọ́ rọ́ta fúnra ẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ dán an wò, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n fóònù màmá mi ò lè wọ̀ ọ́, àfìgbà tí mo yí i sí WPA2/WPA3. Nítorí irú fóònù tó ṣì ń lo WPA2 bẹ́ẹ̀, páásíwọọ̀dù gígùn ṣì di dandan: ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bára tan ni mo lò.

VPN ńkọ́? Mo rà á nítorí Wáífáì ọ̀fẹ́ tó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì tí mo máa ń dé sí. Kò ní páásíwọọ̀dù, nítorí náà kò sí àdììtú kankan lójú afẹ́fẹ́. Lóòótọ́, ojú ìwé tó bá ní https ti ti ilẹ̀kùn ara ẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì lè rí orúkọ ibi tí mò ń lọ. Èyí tó burú jù ni pé ẹnikẹ́ni lè gbé Wáífáì tirẹ̀ kalẹ̀ ní orúkọ kan náà, kí fóònù mi sì fà mọ́ ọn fúnra ẹ̀. VPN ń di gbogbo ẹrù mi láti inú fóònù títí dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni ín. Ilé iṣẹ́ yẹn náà ló wá ń rí ohun tí hòtẹ́ẹ̀lì ìbá rí, ìdí nìyẹn tí n kò fi gba tọ̀fẹ́. Bí mo bá sì fọwọ́ ara mi tẹ PIN sí ojú ìwé àwọn gbájú-ẹ̀, VPN ò lè gbà mí.

Ẹjọ́ mi: ojú ìwé tí hòtẹ́ẹ̀lì fi ń gbani wọlé kì í ṣí bí VPN bá wà ní títàn, áàpù báǹkì mi náà ò sì fẹ́ rí i rárá. Nílé, mo máa ń pa á, torí ó ń fà. Rọ́ta gba 4 nínú 5, VPN gba 3. Oṣù tí mo bá máa rìnrìn àjò nìkan ni màá tún sanwó ẹ̀.