Kọ́ìlì Họ́mọ̀nù àti Kọ́ìlì Bàbà: Èwo Ló Bá Nǹkan Oṣù Yín Mu?

Kọ́ìlì méjèèjì jọra lójú: rọ́bà kékeré tó rí bíi lẹ́tà T, tí okùn tín-ín-rín so mọ́ nídìí. Inú ilé ọmọ ni wọ́n ń fi méjèèjì sí, wọ́n sì ń dènà oyún dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nǹkan oṣù ni wọ́n ti yàtọ̀ jù. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ kọ́kọ́ mọ bí tiyín ṣe ń wá.

Ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń pàdánù lóṣù kan kì í ju bíi mílílítà 30 sí 40 lọ. Tó bá ti kọjá 80, ó pọ̀ jù nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń fi ife wọ̀n ọ́n, àmọ́ ẹ ó mọ̀: tí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì, tí ẹ bá ń jí lóru láti pààrọ̀ rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá ńlá bá ń jáde, tàbí tó bá ju ọjọ́ méje lọ.

Kọ́ìlì bàbà, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ TCu 380A sí lára páálí rẹ̀, kò ní họ́mọ̀nù kankan. Ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín máa ń dé kò ní yí padà nítorí rẹ̀. Ohun tó ń yí padà ni bó ṣe ń pọ̀ tó àti bó ṣe ń dunni tó. Bàbà náà máa ń ta ara ilé ọmọ jí, ara yẹn á wá tú èròjà tó ń mú kí ilé ọmọ súnkì jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń run sí i. Ẹ̀jẹ̀ náà lè fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ó sábà máa ń rọlẹ̀, àmọ́ kì í ṣe lára gbogbo èèyàn.

Oògùn ìbùpúrófẹ̀nì máa ń dín ẹ̀jẹ̀ àti ìrora náà kù pọ̀: mílígíráàmù 400, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, fún ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti ń pọ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹ má fi asipírínì rọ́pò rẹ̀, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ sí i.

Kọ́ìlì họ́mọ̀nù ń ṣe òdìkejì. Èyí tó ní mílígíráàmù 52 ni ká sọ̀rọ̀ lé, torí àwọn kéékèèké wà tí họ́mọ̀nù wọn kò tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í dín ẹ̀jẹ̀ kù tó tiẹ̀. Ẹ ka iye tó wà lára páálí kí ẹ tó sanwó. Họ́mọ̀nù náà ń jáde díẹ̀díẹ̀, kì í jẹ́ kí ara inú ilé ọmọ nípọn. Ara yẹn ló ń ya tó ń di nǹkan oṣù. Nígbà tí kò bá sì nípọn, ohun tó máa jáde á dín kù, inú rírun náà á dín kù.

Sùúrù ni oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ gbà. Ẹ̀jẹ̀ lè máa kán tóó-tóó lọ́jọ́ tí ẹ kò retí rẹ̀, débi pé ẹ ó máa wọ páàdì tín-ín-rín fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ibí yìí ló ti ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n á ní kí wọ́n yọ ọ́, nígbà tó ku díẹ̀ kó rọlẹ̀. Tó bá fi máa pé ọdún kan, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún kì í rí nǹkan oṣù mọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò dì sínú o! Kò sí èyí tó ń kó jọ síbì kankan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Obìnrin kan ń pàdánù mílílítà 40. Kọ́ìlì bàbà lè sọ ọ́ di 60: ó pọ̀, àmọ́ ó ṣì wà ní abẹ́ 80. Èkejì ti wà ní 90 tẹ́lẹ̀. Bàbà lè gbé tirẹ̀ dé 135 lóṣooṣù, èyí tó lè fa àìtó ẹ̀jẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kọ́ìlì họ́mọ̀nù sábà máa ń dín irú rẹ̀ kù sí nǹkan bí 18, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Fún ẹni kejì yìí, èmi ò ní gbà á níyànjú láti fi bàbà bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tàbí tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí kò fẹ́ họ́mọ̀nù rárá, tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò pọ̀, bàbà ló bá a mu. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láìmọ̀dí, kí dókítà wá ìdí rẹ̀ ná kí ẹnikẹ́ni tó fi kọ́ìlì sí i. Bí ìju bá ti yí ilé ọmọ padà, kọ́ìlì lè má jókòó dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo àyípadà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kọ́ìlì ṣì wà ní ipò rẹ̀. Tí ìrora àti ẹ̀jẹ̀ bá ṣàdédé pọ̀, tí okùn gùn ju ti tẹ́lẹ̀, tí ẹ kò rí i mọ́, tàbí tí nǹkan líle bá ń kàn yín lọ́wọ́, kọ́ìlì lè ti ń yọ́ jáde. Ẹ lo kọ́ńdọ̀mù títí nọ́ọ̀sì fi máa yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ibà àti omi olóòórùn bá bá inú rírun wá, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi sí i, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Tí nǹkan oṣù ẹni tó ń lo bàbà kò bá sì wá, kó ṣàyẹ̀wò oyún kíákíá, torí bàbà kì í dá nǹkan oṣù dúró.