Bàtà tó gbé ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ mi dúró: oṣù 8 nídìí káńtà pẹ̀lú Brooks Adrenaline GTS

Ìdí káńtà súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Ògbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago 7 àárọ̀ ni mo ń bọ́ síbẹ̀, aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni mo ń kúrò, àfi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí a fi ń jẹun. Kò sí àga nídìí káńtà, táìsì sì ni gbogbo ilẹ̀. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ mi ti pẹlẹbẹ. Bí mo bá jáde ní balùwẹ̀ tí mo tẹ sìmẹ́ńtì gbígbẹ, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló máa ń hàn níbẹ̀ bí ojú áyọ́ọ̀nù. Ti àbúrò mi kò rí bẹ́ẹ̀: gìgísẹ̀ rẹ̀ àti iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń hàn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ náà kò dùn mí rí títí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Bàtà dúdú pẹlẹbẹ tí àwa obìnrin ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kò nípọn ju páálí lọ, kò pé oṣù kan tí mo fi pa á tì. Ìgbà náà ni mo lọ ra bàtà oníkàn-ìn-kàn-ìn, irú èyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ńṣe ni yóò rì sínú rẹ̀. Owó tí mo san lé e kò kéré. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi gan-an, mo tiẹ̀ júwe rẹ̀ fún ẹni tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ̀yìn kókósẹ̀ mi lápá inú ti ń ta mí bí abẹ́rẹ́ láti nǹkan bí aago 2 ọ̀sán. Orúnkún sì dá sí i. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó lálẹ́, mo ní láti di ilẹ̀kùn mú kí n tó lè gbé ẹsẹ̀ kejì.

Ìyá kan tó ń ṣe ìtọ́jú iṣan àti eegun ní ilé ìwòsàn Ìgbòbí ló là mí lójú. Kò tíì wo ẹsẹ̀ mi tó fi bèèrè bàtà. Ó ní, "Èwo lo máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́? Bọ́ ọ, kí n rí i." Ó gbé méjèèjì sórí tábìlì, ó yí ẹ̀yìn wọn sí mi. Bàtà tí mò ń pè ní tuntun ti ṣubú sínú, ọ̀tún dojú kọ òsì bí àwọn méjì tó fẹ́ sọ àṣírí létí ara wọn. Ó mú bírò rẹ̀, ó tì í sábẹ́ etí òde gìgísẹ̀ bàtà náà, ó sì wọlé. Lápá inú, kò sí àyè tí bébà pàápàá lè gbà.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n bọ́ sórí ìka ẹsẹ̀ mi. Bí mo ṣe dìde, ó ní kí n wo dígí: kòtò yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, gìgísẹ̀ mi sì padà sínú ààyè rẹ̀. Ó ní ìyẹn fi hàn pé eegun ẹsẹ̀ mi kò gan, pé ara ló ń tẹ̀ ẹ́ wó bí mo bá ti dúró. Iṣan kan wà tó gba ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú kọjá lọ sábẹ́ ẹsẹ̀, òun ló ń gbé kòtò náà ró. Bí ẹsẹ̀ bá ń wó sínú láti àárọ̀ dalẹ́, iṣan yẹn kì í sinmi, ibẹ̀ gan-an ló sì ń ta mí. Mo ní, "Ṣùgbọ́n bàtà yẹn rọ̀, mà." Ó ní, "Rírọ̀ rẹ̀ ló fà á. Ibi tí ìwúwo rẹ bá ń bọ́ sí ni kàn-ìn-kàn-ìn máa ń rì sí. Apá inú ni tìrẹ ń bọ́ sí, ibẹ̀ ló sì rì sí. Bàtà tó le lápá inú ni kí o wá."

Gbólóhùn yẹn ló yí bí mo ṣe ń ra bàtà padà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ inú bàtà, tó bá ti rọ̀, mo ti fẹ́ẹ́ sanwó. Ní báyìí, ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ ń mú. Mo máa ń fi ìka méjì fún ibi tó gbá gìgísẹ̀ mú, kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọlé bí ike omi. Lẹ́yìn náà, màá di orí àti ìdí bàtà mú, màá tẹ̀ ẹ́: ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń ká ló yẹ kó ti ká, kì í ṣe láàárín. Bàtà tó bá ká sí méjì láàárín bí ìwé kò lè gbé ẹsẹ̀ tí àárín rẹ̀ ti wó. Èyí tó kẹ́yìn ni kí n lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Bó bá lọ́ wẹ́rẹ́, mo dá a padà sórí igbá.

Owó mi kò tó ra tuntun, nítorí náà Yábà ni mo kọrí sí, lọ́dọ̀ àwọn olókìríkà. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ni mo lọ, nítorí ẹsẹ̀ mi máa ń wú nígbà yẹn, bàtà tó bá sì gba ẹsẹ̀ tó wú ni yóò gbà á láago 4 ọ̀sán nídìí káńtà. Ọmọkùnrin tó ń tajà rí mi tí mò ń lọ́ bàtà kiri, ó pariwo:

"Àǹtí, ẹ má bà á jẹ́ fún mi o! Bàtà gidi ni."

"Mi ò ní bà á jẹ́, bọ̀dá. Tó bá jẹ́ gidi, kò ní lọ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi lọ́ wọn. Ẹ̀karùn-ún tí a mú ni Brooks Adrenaline GTS dúdú kan, nọ́ńbà 40. Ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ òde, fóòmù àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan, ṣùgbọ́n lápá inú, láti gìgísẹ̀ dé àárín, fóòmù mìíràn aláwọ̀ eérú ló wà níbẹ̀. Mo fi èékánná tẹ òde, ó wọlé díẹ̀. Mo tẹ eérú yẹn, kò mira. Ohun tí ìyá yẹn sọ fún mi gan-an nìyẹn, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ẹ kíyè sí nọ́ńbà tó máa ń tẹ̀ lé GTS: títí dé 18, fóòmù líle yìí ni wọ́n ń lò. Láti orí 19, wọ́n fi ọ̀pá fóòmù méjì rọ́pò rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún gìgísẹ̀, ọ̀kan lósì, tí kò jẹ́ kó yẹ̀. Nítorí náà ẹ má retí àwọ̀ eérú lára àwọn tuntun.

Bàtà ẹlòmíràn ni òkìríkà, ibi tó léwu sí nìyẹn. Bí ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ wó sínú, wíwó tirẹ̀ lẹ máa jogún. Mo gbé e sórí pákó tó tẹ́jú, mo lóṣòó wo ẹ̀yìn rẹ̀: ó dúró ṣánṣán. Mo yí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sókè, etí inú àti etí òde gìgísẹ̀ jẹ dọ́gba. Mo wo ẹ̀gbẹ́ fóòmù, kò hun jọ ní ìlà ìlà bí iwájú orí arúgbó. Fóòmù tó bá ti hun bẹ́ẹ̀ ti kú, bó ti wù kí òkè rẹ̀ mọ́ tó. Ọmọkùnrin yẹn pè é ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 45, mo san 28.

Ìbú náà ṣe pàtàkì, torí ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ máa ń tẹ́ rẹrẹ bó bá dúró. Ahọ́n bàtà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Fún obìnrin, B ló wọ́pọ̀, D ló fẹ̀. Fún ọkùnrin, D ló wọ́pọ̀, 2E ló fẹ̀. D obìnrin ni tèmi. Mo dúró lórí rẹ̀, ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ kan ṣẹ́ kù níwájú ìka tó gùn jù.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dùn. Ó dà bíi pé òkúta pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ àárín ẹsẹ̀ mi. Wákàtí 4 ni mo ń wọ̀ ọ́ lóòjọ́ nígbà náà, mo ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, mo sì ń fi wákàtí kan kún un bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ṣàkíyèsí pé aago 2 ti kọjá, kókósẹ̀ kò ta mí. Gìgísẹ̀ bàtà náà ga ju iwájú rẹ̀ lọ ní mìlímítà 12, ìyẹn sì tu iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi lára, torí ó máa ń le gbagidi.

Àṣìṣe kan ni mo ṣe lóṣù kejì. Mo ra ìtẹ́nú bàtà tó ní òkè gíga láàárín, mo tì í sínú Brooks yìí, mo rò pé ìrànlọ́wọ́ méjì yóò dáa ju ọ̀kan lọ. Láàárín ọjọ́ 5, ẹ̀gbẹ́ òde orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ìwúwo mi sì ti ń lọ sórí etí òde ẹsẹ̀. Bàtà ti ń ti ẹsẹ̀ síta tẹ́lẹ̀, ìtẹ́nú náà tún ń tì í. Mo yọ ọ́, ó lọ. Bí ẹ bá máa lo ìtẹ́nú líle, inú bàtà tí kò ní fóòmù líle lápá inú ni kí ẹ lò ó sí.

Mánéjà wa bínú díẹ̀ pé bàtà eléré ìdárayá ni. Mo fi dúdú kun ibi funfun ara rẹ̀, ó gbà. Ó máa ń gbóná díẹ̀ nígbà ooru, mo sì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú sí i.

Kò bá gbogbo ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ mu o. Bí ẹ bá bọ́ sórí ìka ẹsẹ̀ tí kòtò kankan kò yọ, eegun ti gan nìyẹn, bàtà tó ń ti ẹsẹ̀ síta lè dá kún ìrora. Bàtà tó fẹ̀, tó sì nípọn ló yẹ kí ẹ wá. Bí ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú bá wú, tí ẹ kò lè fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dìde sórí ìka, tàbí tí ẹsẹ̀ kan ń tẹ́ sí i tí èkejì kò yí padà, ó lè jẹ́ pé iṣan yẹn ló ń ya. Ẹ má bá a wá sí Yábà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Tèmi ti pé oṣù 8. Mo tún gbé e sórí tábìlì lọ́jọ́ Àìkú, bírò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀ lábẹ́ etí òde ti òsì. Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn iṣẹ́, màá padà lọ bá ọmọkùnrin yẹn. Ó ní òun ti bá mi tọ́jú mẹ́ta tí kò lọ́.